Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Títẹ àkọsílẹ̀ oníṣòwò lórí fóònù

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí títẹ̀wé, tí kò sì ní kọ̀ǹpútà, lè fi fóònù nìkan ṣiṣẹ́ fún oníṣòwò. Èyí tó rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀ ni kíkó orúkọ oníbàárà láti inú ìwé sínú Google Sheets.

Ká ní aláṣọ kan ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn, ní oníbàárà 200 nínú ìwé rẹ̀. Yóò ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, kí lẹ́tà má baà di bàìbàì. Bí fóònù atẹ̀wé bá gbà á, á pín ojú rẹ̀ sí méjì: fọ́tò lókè, Sheets nísàlẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù ló máa ń da iṣẹ́ yìí rú. Sheets á kà á sí iye lásán, á sì yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Bí aláṣọ bá wá pe oníbàárà, ìpè kò ní wọlé.

Nítorí náà, kí atẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ kan lẹ́tà B lórí òpó nọ́ńbà, kó lọ sí Format, Cell, Number format, kó mú Plain text. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ nọ́ńbà sínú B2, kó kọ èyí sínú C2:

```
=LEN(B2)
```

11 ló yẹ kó jáde. Bó bá jẹ́ 10, ó ṣeé ṣe kí òdo ti sọnù. Bó bá jẹ́ 12, ó ṣeé ṣe kí àlàfo wà láàárín.

Bí atẹ̀wé bá ń wá irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá ní kó kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ má san kọ́bọ̀.