Ẹkùn, ewúrẹ́ àti ìdì ẹ̀fọ́: Eré tí ọmọ kan ò lè dá yanjú

Bí olùkọ́ bá kó ọmọ márùn-ún sídìí tábìlì kan, tó ní kí wọ́n jọ yanjú ìṣòro kan, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú wọn á gba bírò, á sì dá a ṣe. Àwọn mẹ́rin yòókù á máa wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n jókòó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ṣiṣẹ́ pọ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ìpè-Àkókó, tàbí ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ohun tí yóò mú kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò ẹnu àwọn tó kù.

Ayò ọlọ́pọ́n, pẹ̀lú ihò 12 àti ọmọ ayò 48, ń kọ́ ọmọ láti ṣírò, kó sì rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ló ń ta á. Ọ̀kan á di ọ̀ta, èkejì á di ọ̀pẹ, ohun tí ọ̀ta sì mọ̀, inú rẹ̀ ló ń fi í sí. Eré tó ń kọ́ni ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ní láti gba ọ̀nà mìíràn.

Ohun tí Aronson ṣe ní Austin

Lọ́dún 1971, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà, ń da àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò pọ̀ sí kíláàsì kan náà. Wàhálà pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n ké sí Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí i pé bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ ló ń dá kún ìjà náà: bí olùkọ́ bá ti béèrè ìbéèrè, gbogbo ọmọ á máa du ẹni tí yóò kọ́kọ́ dáhùn, èyí tó bá sì kùnà, inú ẹlòmíràn á dùn sí i.

Wọ́n wá gé ẹ̀kọ́ náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ kékeré ní apá kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ fetí sí gbogbo àwọn yòókù. Ẹni tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tẹ́lẹ̀ di ẹni tí wọn ò lè ṣe aláìgbọ́. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fi gbogbo ìgbà rí i pé ètò yìí ń gbé máàkì ìdánwò sókè, nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe lò ó dípò ẹ̀kọ́. Ohun tí a lè mú níbẹ̀ fún eré ni ọ̀nà tí wọ́n fi pín ìmọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe eré náà

Àgbẹ̀ kan fẹ́ kọjá odò pẹ̀lú ẹkùn, ewúrẹ́ àti ìdì ẹ̀fọ́. Àdììtú yìí ti pẹ́. Nínú ìwé èdè Látìn kan tí wọ́n gbà pé Alcuin kọ ní nǹkan bí ọdún 800, ìkookò, ewúrẹ́ àti kábéèjì ló wà níbẹ̀. Oríṣiríṣi irú rẹ̀ wà nílẹ̀ Áfíríkà náà.

Kí olùkọ́ gé páálí márùn-ún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ òfin kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan:

1. Àgbẹ̀ nìkan ló lè tu ọkọ̀.
2. Ọkọ̀ kò gbà ju àgbẹ̀ àti ẹrù kan ṣoṣo lọ.
3. Bí àgbẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹkùn á pa ewúrẹ́.
4. Bí àgbẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ewúrẹ́ á jẹ ẹ̀fọ́.
5. Ẹrù tí a ti gbé kọjá, a lè gbé e padà.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba páálí kan. Ó lè kà á sókè nígbàkigbà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi han ẹnikẹ́ni, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Kí olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sílẹ̀ bí odò. Òkúta kékeré ni ẹkùn, ìdérí ìgò ni ewúrẹ́, ewé ni ẹ̀fọ́, ṣùkù àgbàdo sì ni àgbẹ̀. Kíláàsì tó ní ọmọ 40 á di ẹgbẹ́ mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín. Àgbẹ̀ kọ́kọ́ gbé ewúrẹ́ kọjá, nítorí ẹkùn kì í jẹ ẹ̀fọ́. Ó dá nìkan padà. Ó gbé ẹkùn kọjá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń há sí: bó bá fi ẹkùn àti ewúrẹ́ sílẹ̀ kó tó padà, ewúrẹ́ lọ nìyẹn. Wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á gbé ẹ̀fọ́ dípò ẹkùn, wọ́n á sì há síbi kan náà. Ohun tó ń dè wọ́n ni pé wọ́n rò pé ohun tó ti kọjá ti kọjá. Páálí karùn-ún ló ń tú wọn sílẹ̀: àgbẹ̀ gbé ewúrẹ́ padà, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ẹ̀fọ́ kọjá, ó dá padà, ó wá gbé ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìkọjá méje ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí olùkọ́ bá fún ní páálí karùn-ún ṣe pàtàkì. Ẹ fún ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá há, tí kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, olùkọ́ á fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹgbẹ́ náà ti kù díẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

Ọmọ tó já fáfá á gba páálí gbogbo wọn. Bó bá ṣẹlẹ̀, ó ti rú òfin; ẹ dá páálí padà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òmíràn ti gbọ́ àdììtú yìí rí: ẹ fi í ṣe akọ̀wé tí ń kọ ìkọjá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láì sọ ju ohun tó wà lórí páálí rẹ̀ lọ. Èyí tó burú jù ni olùkọ́ tí kò lè fara da ìdákẹ́jẹ́, tó wá sọ ìdáhùn.

Bí wọ́n bá ti parí, kí olùkọ́ má bèèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù. Kó nawọ́ sí ẹlòmíràn: kí ló dé tí ewúrẹ́ fi padà? Bí ẹni náà kò bá lè sọ ọ́, ẹgbẹ́ náà ò tíì parí.

Ìpele kejì

Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ẹranko. Àgbàlagbà méjì àti ọmọdé méjì fẹ́ kọjá, ọkọ̀ kò sì gbà ju àgbàlagbà kan tàbí ọmọdé méjì lọ. Àwọn ọmọdé jọ kọjá, ọ̀kan padà, àgbàlagbà kan kọjá, ọmọdé kejì gbé ọkọ̀ padà. Ìkọjá mẹ́rin ló gbé àgbàlagbà kan. Wọ́n tún un ṣe fún ìkejì, àwọn ọmọdé á sì jọ kọjá níkẹyìn: mẹ́sàn-án ni. Bí àgbàlagbà bá di mẹ́ta, ó di 13. Ẹgbẹ́ tó bá lè sọ iye tí àgbàlagbà mẹ́wàá yóò gbà láì tún un ṣe lórí ṣọ́ọ̀kì ti rí ìlànà tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn Ìlà ní orílẹ̀-èdè Sáḿbíà ní irú èyí tó ní ẹkùn, ewúrẹ́, eku àti agbọ̀n àgbàdo, tí ọkọ̀ sì gba ẹrù kan péré. Ẹkùn á pa ewúrẹ́, ewúrẹ́ àti eku sì jọ ń jẹ àgbàdo, nítorí náà kò sí ọ̀nà àbáyọ. Nínú ìtàn wọn, ọkùnrin náà kò fẹ́ lé èyíkéyìí nínú àwọn ẹranko rẹ̀ dànù, ó jókòó síbi tó wà. Ẹ fún àwọn ọmọ ní èyí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe méjì àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò ṣeé ṣe yanjú rẹ̀ dáadáa ju èyí tó ń gbé òkúta kiri.

Ẹ̀yin olùkọ́, páálí, ṣọ́ọ̀kì àti ogójì ìṣẹ́jú tó. Ẹ pín àwọn òfin náà, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́.