Bí Akọ̀wé Báǹkì Ṣe Ń Mọ Orílẹ̀-èdè tí Owó Ń Lọ

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìyá oníṣòwò kan wọ báǹkì ní Jíbówú, ó fẹ́ san owó ọjà sí Kútọnu. Ó na ìwé kan sí akọ̀wé tuntun. ECOCBJBJ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́, báǹkì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìkarùn-ún àti ìkẹfà ni kí akọ̀wé wò: BJ, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni NG inú GTBINGLA ṣe jẹ́ Nàìjíríà.

Nọ́ḿbà àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní IBAN kò rí bẹ́ẹ̀. Iwájú gan-an ni lẹ́tà méjì tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè máa ń wà. Àkáǹtì ti Nàìjíríà kò tilẹ̀ ní lẹ́tà. Nọ́ḿbà mẹ́wàá péré ni.

Ibi tí akọ̀wé ti máa ń ṣìnà ni kí ó máa fi orúkọ ìlú méfò. BE kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù ni. NE kì í ṣe Nàìjíríà, Níjẹ̀ ni. Bí ìwé bá wí pé Kútọnu, tí kóòdù wí pé BE, kí ó dá owó náà dúró: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ ní kí ẹni tí ó ni àkáǹtì tún kóòdù yìí kà.”

Ibi tí báǹkì wà ni kóòdù ń sọ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú lè ní àkáǹtì tirẹ̀ ní Kútọnu.