Akadẹ́míìkì àbí Jẹ́nẹ́rà: Ta Ló Fẹ́ Gba Èsì IELTS Yín?

Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò IELTS máa bá ìbéèrè kan pàdé lójú kọ̀ǹpútà kí owó tó kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀: IELTS Academic ni àbí IELTS General Training? Méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tẹ èyí tí ọ̀rẹ́ wọn tẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n gbọ́ pé ó rọrùn. Ìgbà tí èsì bá jáde tán ni wọ́n tó ń mọ̀ pé èèyàn lè gba máàkì tó jọjú, kí ìwé náà má sì wúlò fún ohun tó tìtorí ẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Kò sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń sọ èsì Akadẹ́míìkì di Jẹ́nẹ́rà. Ẹni tó bá ṣì í yàn, àfi kó sanwó tuntun, kó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ta ló fẹ́ gba èsì náà lọ́wọ́ yín? Bó bá jẹ́ yunifásítì ló fẹ́ gbà á, yálà fún dìgírì àkọ́kọ́ tàbí máásítà, Akadẹ́míìkì ni wọ́n máa ń béèrè. Akadẹ́míìkì náà ni NMC fẹ́, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ ní Ìlú Ọba. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ló ń lọ ṣe, síbẹ̀ Jẹ́nẹ́rà kò ní ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún un. Wọ́n fẹ́ 7 nínú ìtẹ́tísí, ìwé kíkà àti ọ̀rọ̀ sísọ, pẹ̀lú 6.5 nínú ìwé kíkọ, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 7. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń sọ, pé "Akadẹ́míìkì fún ilé ẹ̀kọ́, Jẹ́nẹ́rà fún iṣẹ́", ti ń ṣi nọ́ọ̀sì lọ́nà.

Kánádà ló wá yí i padà. Ètò Express Entry, tí àwọn tó ń wá ìwé ìgbélùú ibẹ̀ ń gbà wọlé, Jẹ́nẹ́rà nìkan ló ń gbà nínú méjèèjì. Ẹ lè gba 9 nínú Akadẹ́míìkì, kí ẹ sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò ní fún yín ní póìntì kan ṣoṣo lórí ẹ̀. Ti Ọsirélíà rọ̀ díẹ̀, nítorí ètò físà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ̀ níbẹ̀ ń gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Nínú ìdánwò fúnra rẹ̀, ìtẹ́tísí àti ọ̀rọ̀ sísọ kò yàtọ̀ rárá. Ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ni ọ̀nà ti pín.

Nínú ìwé kíkà, wákàtí kan ni fún ìbéèrè 40 lápá méjèèjì. Ẹni tó ń ṣe Akadẹ́míìkì máa ka àyọkà gígùn mẹ́ta, irú èyí tí wọ́n ń mú nínú ìwé, ìwé ìròyìn àti jọ́nà. Ti Jẹ́nẹ́rà bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan kéékèèké: ìkéde, ìpolówó ọjà, àlàyé nípa ọkọ̀ tàbí òtẹ́ẹ̀lì. Ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, bí i ìlànà ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ àti ìwé àdéhùn, kó tó wá fi àyọkà gígùn kan parí ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹni tó bá wò ó á sọ pé Jẹ́nẹ́rà ti rọrùn jù. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rọrùn. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà sì mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé òṣùwọ̀n máàkì rẹ̀ sókè. Ẹni tó gba ìbéèrè 30 nínú 40 ní Akadẹ́míìkì máa ní nǹkan bí i 7. Ẹni tó gba 30 kan náà ní Jẹ́nẹ́rà, 6 ni tiẹ̀. Kó tó lè dé 7, ó ní láti gba nǹkan bí i 34. Òṣùwọ̀n yìí lè sún díẹ̀ síwá tàbí sẹ́yìn láti ìdánwò kan sí òmíràn, àmọ́ àlàfo àárín wọn kì í parẹ́.

Ìtumọ̀ èyí ni pé Jẹ́nẹ́rà kì í forí ji àìfarabalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo irú ìbéèrè kan tó máa ń jẹ máàkì àwa ọmọ Nàìjíríà. Ìkéde òtẹ́ẹ̀lì sọ pé oúnjẹ àárọ̀ wà láti aago 7 sí aago 10. Gbólóhùn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dá lẹ́jọ́ sọ pé owó yàrá ti kó owó oúnjẹ àárọ̀ mọ́ra. Ohun tẹ́ ẹ lè mú ni TRUE, FALSE tàbí NOT GIVEN. Ẹni tó ti sun òtẹ́ẹ̀lì rí á mú TRUE, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní òtẹ́ẹ̀lì tóun mọ̀ nìyẹn. Ìkéde náà kò sì dárúkọ owó rárá, NOT GIVEN ni ìdáhùn. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ mẹ́rin péré ti tó láti fa èèyàn láti 7 bọ́ sí 6.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ Kánádà. Ká ní ẹnì kan wà tí kò tíì ṣègbéyàwó, tó ní dìgírì àkọ́kọ́ kan, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí, tí kò ṣiṣẹ́ rí ní Kánádà. Ó ṣe Jẹ́nẹ́rà, ó gba 8 nínú ìtẹ́tísí, 7 nínú ìwé kíkọ àti 7 nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Nínú ìwé kíkà, ìbéèrè 33 ló gbà, wọ́n sì fún un ní 6.5. Kánádà kì í lo nọ́ńbà IELTS bó ṣe wà, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n tiwọn tí wọ́n ń pè ní CLB. Lórí òṣùwọ̀n yìí, ẹ̀ka mẹ́ta ti dé CLB 9, ìwé kíkà nìkan ló dúró sórí CLB 8.

Póìntì 31 ni CLB 9 ń mú wá fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, CLB 8 ń mú 23 wá. Nítorí náà, póìntì 8 ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí sì ṣeé mú mọ́ra. Ọ̀fọ̀ tó pọ̀ jù ṣì wà lẹ́yìn. Kánádà máa ń fi póìntì kún un fún ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí àti ìrírí iṣẹ́ pẹ̀lú èdè tó dán mọ́rán, àmọ́ ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dé CLB 9 kó tó gbà á pé. Dìgírì rẹ̀ tó yẹ kó mú 25 wá máa mú 13 wá. Ìrírí iṣẹ́ rẹ̀ tó yẹ kó mú 50 wá máa mú 25 wá. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: 8, 12 àti 25 jẹ́ 45. Póìntì 45 ló lọ nítorí ìdáhùn kan ṣoṣo tó kù kó pé 34. Ohun tó tún wá ń dunni ni pé bó bá jẹ́ Akadẹ́míìkì ló ti gba ìbéèrè 33 yẹn, máàkì rẹ̀ ìbá ju 7 lọ. Àmọ́ Kánádà kò ní wò ó.

Ìwé kíkọ náà ní ìyàtọ̀ tiẹ̀. Àròkọ kejì, tó gbọ́dọ̀ tó ọ̀rọ̀ 250, fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra lápá méjèèjì, òun ló sì ń kó máàkì tó pọ̀ jù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 150, ni kò jọra. Akadẹ́míìkì á gbé gíráàfù, àtẹ nọ́ńbà, máàpù tàbí àwòrán bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ síwájú yín pé kí ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó hàn gbangba jù níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn. Àwọn tó ń fìdí rẹmi níbẹ̀ ni àwọn tó ń ṣàlàyé ìdí tí òjò fi dín kù tàbí tí epo fi gbówó lérí, nígbà tí kò sẹ́ni tó béèrè èrò wọn.

Lẹ́tà ni ti Jẹ́nẹ́rà. Wọ́n lè ní ẹ̀rọ tó ń gbóná omi nínú ilé tẹ́ ẹ háyà ti bà jẹ́, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí onílé, kẹ́ ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe ń ni yín lára àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe. Ohun mẹ́ta ni wọ́n béèrè, ẹni tó bá fo ọ̀kan ti pàdánù máàkì. Àwa Yorùbá ní ìṣòro tiwa níbí. Wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì, méjì pàápàá bó bá jẹ́ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Ìwé ìdánwò náà sọ ọ́ kedere pé wọn kò fẹ́ àdírẹ́sì kankan. Kíkí náà ń kó bá wa: ẹni tó bá fi ìlà mẹ́rin béèrè àlàáfíà onílé, ti ìyàwó àti ti àwọn ọmọ kó tó dárúkọ omi gbígbóná, ibo ló tún fẹ́ ti rí àyè fún ohun mẹ́ta yẹn?

Ìpín kẹta kan tún wà tó ń da àwọn tó ń lọ Ìlú Ọba láàmú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akadẹ́míìkì àti Jẹ́nẹ́rà, ẹ óò rí IELTS for UKVI, tó tún ní Akadẹ́míìkì àti Jẹ́nẹ́rà tiẹ̀. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ òun ni ọ́fíìsì físà Ìlú Ọba fọwọ́ sí. Fún físà àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń gba Akadẹ́míìkì, wọ́n ń gba Jẹ́nẹ́rà, bó bá ṣáà ti jẹ́ ti UKVI. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n ti gbé ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sókè láti 4 sí 5.5 nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì tó ti fi ìdánwò èdè tẹ́ NMC lọ́rùn kò ní láti ṣe òmíràn fún físà.

Ẹni tó ń lọ kàwé ní Kánádà ló yẹ kó fetí sílẹ̀ jù, torí ó ṣeé ṣe kó nílò méjèèjì. Akadẹ́míìkì ló máa fi wọ yunifásítì. Nígbà tó bá ṣetán, tó wá ń béèrè ìwé àyè iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn tó kàwé jáde, wọ́n á tún béèrè ẹ̀rí èdè. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹni tó gba dìgírì ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní CLB 7, ìyẹn 6 nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, Jẹ́nẹ́rà ni wọ́n sì ń gbà. Kí ó fi owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó parí ẹ̀kọ́. Kí ó má sì tètè ṣe é jù, torí ọdún méjì péré ni èsì máa ń lò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọ ìkànnì àjọ tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gba èsì yín, kẹ́ ẹ fojú ara yín ka orúkọ ìdánwò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe gbà á gbọ́ lẹ́nu ejẹ́ǹtì tàbí tíṣà lẹ́sìnnì. Bí wọ́n bá kọ méjèèjì síbẹ̀, ẹ mú èyí tí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ tún fẹ́ kàn lẹ́yìn ìyẹn náà ń gbà.