Owó Ti Wọ Báńkì, Àmọ́ Kò Tíì Di Tìẹ: Bí Ilé-Iṣẹ́ Sọfitiwía Ṣe Ń Ka Owó Àsansílẹ̀ Ọlọ́dún Kan

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Iwopin, létí ọ̀sà ní Ogun Waterside. Ká ní bàbá onílé kan níbẹ̀ gba owó ilé ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé lóṣù kìíní. Owó ti wọ àpò bàbá. Àmọ́ tí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé lọ nígbà tí oṣù kẹta parí, tí ayálégbé ò rí ibi sùn mọ́, ṣé bàbá lè sọ pé òun ti jẹ gbogbo owó náà? Rárá o. Ayálégbé á ní kó dá owó oṣù mẹ́sàn-án tó kù padà, gbogbo àdúgbò á sì gbè é lẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta péré ni bàbá ti ṣiṣẹ́ fún. Gbèsè ni ìyókù.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta sọfitiwía máa ń gbàgbé gan-an nìyẹn. Wọ́n á gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á rí i nínú báńkì, wọ́n á sì rò pé èrè ti dé. Òfin ìṣirò owó ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó lójú ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka irú owó yìí, ẹ jẹ́ ká sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àpẹẹrẹ wa

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́ kan ní Ijẹbu-Igbo ṣe sọfitiwía tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń to èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, ilé-ẹ̀kọ́ á wọlé síbẹ̀, wọ́n á lò ó. ₦240,000 ni owó ọdún kan. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Iwopin san owó náà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2024, tí yóò fi parí ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2025. Owó-orí ọjà, tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà láti oṣù kejì 2020, jẹ́ ₦18,000 lórí rẹ̀. Àpapọ̀ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ san jẹ́ ₦258,000.

Ó fẹ́ kí owó máa wọlé fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ó ń pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lórí fóònù, ló bá lọ sọ́dọ̀ Paystack. Ètò àsansílẹ̀ tó gbé kalẹ̀ níbẹ̀ rí báyìí:

```
POST https://api.paystack.co/plan
{
  "name": "Esi Ile-eko",
  "interval": "annually",
  "amount": 25800000
}
```

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Kọ́bọ̀ ni Paystack fi ń ka owó, kì í ṣe náírà. Ẹni tó bá kọ 258000 síbẹ̀, ₦2,580 ló máa gbà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ fi káàdì tiyín dán an wò kí ẹ tó fún oníbàárà.

Èwo ni tiẹ̀ nínú ₦258,000?

Ẹ jẹ́ ká pín in. ₦18,000 kì í ṣe tiẹ̀ rárá. Ìjọba ló ni ín, òun kàn bá wọn gbà á ni. Ó ní láti fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 21 oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìjọba ò ní dúró kí oṣù méjìlá pé o.

Paystack náà á yọ owó tiẹ̀ kó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Ká ní ₦2,000 ni wọ́n yọ, tí ₦256,000 fi wọ báńkì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ ohun tó wọ báńkì sílẹ̀ bí owó ọjà tí wọ́n tà. Kò rí bẹ́ẹ̀. ₦240,000 ni owó ọjà. ₦2,000 yẹn, ìnáwó ni, bíi owó mọ́tò, ojú ìwé ìnáwó ló sì gbọ́dọ̀ wà.

Ó wá ku ₦240,000. Lọ́jọ́ tó wọlé yẹn, eélòó nínú rẹ̀ ni owó iṣẹ́ tó ti ṣe? Òdo. Kò tíì ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ lọ sí abẹ́ ohun tí mo fẹ́ pè ní gbèsè iṣẹ́: owó ti dé, iṣẹ́ ló kù tí a jẹ. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá parí, yóò yọ ₦20,000 kúrò lábẹ́ gbèsè iṣẹ́, yóò sì gbé e sábẹ́ owó iṣẹ́ tó ti ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà loṣooṣù. Lópin oṣù kejìlá, ₦80,000 ti di tiẹ̀, ₦160,000 ṣì jẹ́ gbèsè.

Tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù ńkọ́? Ọjọ́ ni ká kà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án lo ọjọ́ 15 nínú oṣù yẹn: ₦240,000 lọ́nà 15, ká fi 365 pín in, ₦9,863 ló jẹ́.

Òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀?

IFRS 15 lorúkọ rẹ̀. Òfin ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni, Nàìjíríà náà wà lára wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2018 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbéèrè tó ń bi oníṣòwò kì í ṣe "ìgbà wo lowó wọlé?" Ohun tó ń bi í ni pé: kí lo ṣèlérí fún oníbàárà, ìgbà wo lo sì mú ìlérí yẹn ṣẹ?

Ohun tí ọ̀dọ́ yìí ṣèlérí ni pé ọ̀nà á ṣí sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Bó ṣe ń mú un ṣẹ ni wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó fi gbọ́dọ̀ tàn káàkiri ọdún. Ká ní ẹ̀dà sọfitiwía tí wọ́n á gbé sórí kọ̀ǹpútà wọn ló tà, tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kódà bí òun bá kógbá wọlé lọ́la, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìlérí yẹn ti ṣẹ lọ́jọ́ tó fún wọn tí wọ́n sì lè máa lò ó, ó sì lè ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ náà wà ńbẹ̀ o. Àwọn kan máa ń gba owó láti ṣí àkáǹtì fún oníbàárà tuntun. Tí ṣíṣí àkáǹtì yẹn ò bá wúlò fún oníbàárà láìsí sọfitiwía fúnra rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tọ̀. A óò pa á pọ̀ mọ́ owó ọdún, ká sì jọ tàn án káàkiri.

Ibi tó ti ń dunni

Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ 20 ló san lóṣù kẹsàn-án. ₦4,800,000 nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi owó-orí àti owó Paystack sápá kan ná. Ìnáwó rẹ̀ lóṣù, owó òṣìṣẹ́ àti owó kọ̀ǹpútà tó ń yá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, jẹ́ ₦300,000. Lópin oṣù kejìlá, ó ti ná ₦1,200,000. Ó wo báńkì, ó rí ₦3,600,000, ó ní èrè rèé, ló bá fi ₦2,500,000 ra mọ́tò.

Ìwé tó péye á sọ nǹkan mìíràn fún un. Owó iṣẹ́ tó ti ṣe jẹ́ ₦1,600,000. Yọ ìnáwó kúrò, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦400,000 péré. ₦3,200,000 ṣì jẹ́ gbèsè iṣẹ́ tó jẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́. ₦1,100,000 ló kù sí báńkì lẹ́yìn mọ́tò. Oṣù kìíní, ìkejì àti ìkẹta gbé ₦900,000 lọ. Nígbà tí oṣù kẹrin dé, ₦200,000 ló kù, kò tó san ìnáwó oṣù yẹn, oṣù márùn-ún sì ṣì wà níwájú kí ẹnikẹ́ni tó tún san. Ojú ìwòye sọfitiwía á kú, ilé-ẹ̀kọ́ ní Iwopin ò ní rí èsì tẹ̀.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ sọfitiwía tó ń jẹ́ MicroStrategy kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2000 pé àwọn máa tún ìwé owó àwọn kọ. Wọ́n ti ń tètè ka owó tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì parí. Ọdún tí wọ́n ní àwọn jèrè, àdánù ni wọ́n jẹ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, owó ìpín wọn já láti dọ́là 226.75 sí 86.75. Lóṣù kejìlá ọdún yẹn, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín níbẹ̀ fẹ̀sùn kan àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì sanwó láti yanjú ẹjọ́ náà.

Nígbà tí ọdún bá yí po

Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Paystack á gbìyànjú láti tún gba owó. Tó bá wọlé, ìròyìn `charge.success` á dé, gbèsè iṣẹ́ tuntun á sì bẹ̀rẹ̀. Tí káàdì bá ti kú tàbí tí owó ò sí nínú rẹ̀, `invoice.payment_failed` ló máa dé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà á máa ka ₦20,000 lọ loṣooṣù bí ẹni pé wọ́n ti san. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni kíkà yẹn gbọ́dọ̀ dúró, àyàfi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti bá yín ṣàdéhùn ọdún tuntun, tó sì dá yín lójú pé wọ́n á san.

`subscription.not_renew` ní tiẹ̀ yàtọ̀. Oníbàárà ń sọ pé òun ò ní tún san lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Ẹ máa ka tọdún yìí lọ bó ṣe wà, torí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Àmọ́ tí wọ́n bá kúrò lẹ́yìn oṣù márùn-ún, tí ẹ sì gbà láti dá ìyókù padà, ₦100,000 ti di tiyín, ₦140,000 á padà sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú owó-orí tó wà lórí rẹ̀. Inú gbèsè iṣẹ́ lẹ ti máa yọ ₦140,000 yẹn, kì í ṣe inú èrè.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìwé yín péye

Lópin oṣù, ẹ mú gbèsè iṣẹ́ tó wà níbẹ̀rẹ̀, ẹ fi owó ọjà tuntun kún un, ẹ yọ èyí tó ti di tiyín àti èyí tẹ́ ẹ dá padà. Fún ọ̀dọ́ wa, lópin oṣù kejìlá: òdo, ká fi ₦4,800,000 kún un, ká yọ ₦1,600,000, ó ku ₦3,200,000.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀nà kejì. Ẹ to orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ẹ ka oṣù tó kù fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ 20, oṣù 8, ₦20,000: ₦3,200,000 náà ni. Tí méjèèjì bá bára mu, ẹ lè sùn. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ wá ẹni tí káàdì rẹ̀ ti kú tí ẹ ṣì ń ka owó lé lórí, tàbí ẹni tẹ́ ẹ dá owó padà fún tẹ́ ẹ gbàgbé láti yọ. Ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Kí ẹ tó ra mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ wo iye gbèsè iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ sì bi ara yín bóyá owó tó máa kù ní báńkì á tó ṣe gbogbo rẹ̀ parí.