Lẹ́tà wẹ́wẹ́ lára ìgò ìpara

Ẹ gba Gbàgede Tinúbú kọjá lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ ó rí òróró, lọ́fínńdà àti ìpara oníkáńfọ̀ nínú ìgò kéékèèké lórí àtẹ. Ìpara tó ní káńfọ̀ nínú kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, bí ọmọ bá sì gbé e mì, ó lè fa gìrì. Ìkìlọ̀ yìí ló sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ lébẹ́lì, níbi tí ojú ìyá àgbà kò lè ká a.

Bí ẹ̀yin náà bá ń po ìpara tà, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “póíǹtì 7” tí atẹ̀wé bá sọ tẹ́ yín lọ́rùn. Àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún lẹ́tà ni póíǹtì ń wọ̀n, kì í ṣe lẹ́tà gan-an. Lẹ́tà kékeré “x” ni kí ẹ fi rúlà wọ̀n. Ní póíǹtì 7, “x” ti Arial ga tó mílímítà 1.28, ti Times New Roman kò ju 1.1 lọ. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2011 lórí oúnjẹ ní kí “x” má kéré ju mílímítà 1.2, ó sì gba 0.9 lára ẹrù tó kéré gan-an. Ní tèmi, ìkìlọ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 1.2.

Ká sọ pé ẹ̀yìn lébẹ́lì fẹ̀ ní mílímítà 35, ó ga ní 36. Pẹ̀lú Arial póíǹtì 7, ìlà kan gba bí lẹ́tà 28, ìlà kọ̀ọ̀kan gba mílímítà 3, ìlà 12 ló wọ ibẹ̀: lẹ́tà 336. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà, ìlò, ìkìlọ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ jẹ́ lẹ́tà 500. Atẹ̀wé yóò fẹ́ sọ ọ́ di póíǹtì 5, tàbí kó tẹ lẹ́tà pọ̀ kó di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má gbà. Àwòrán òdòdó iwájú ni kí ẹ dín kù. Bí ẹ̀yìn bá fẹ̀ dé 55, ìlà kan á gba 44, gbogbo rẹ̀ á gba 528. Ìkìlọ̀ ni kó ṣáájú níbẹ̀.

Yorùbá tún ní ìṣòro tirẹ̀: àmì ìsàlẹ̀ ọ́ àti ẹ́ ń kọlu àmì ohùn ìlà tó tẹ̀ lé e bí àyè àárín ìlà bá há. Nítorí náà, ẹ kọ ìkìlọ̀ Yorùbá sí orí ìdérí, tí àyè wà: “Ẹ má fi pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.”

Àwọ̀ ewé tí a fẹ́ràn ńkọ́? Bí lẹ́tà funfun tín-ín-rín bá wà lórí rẹ̀, yíǹkì máa ń tàn wọ inú ìlà funfun lẹ́tà náà, á sì dí. Lẹ́tà dúdú lórí funfun ló dára.

Kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún, ẹ tẹ ẹyọ kan ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, torí fóònù máa ń tan ojú jẹ. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ẹ fi ọwọ́ olóròóró pa á, kí ẹ gbé e fún àgbàlagbà kan lábẹ́ iná alẹ́ pé kó ka ìkìlọ̀ rẹ̀ sókè.