Bí Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Bá Ti Lọ Tàṣìṣetàṣìṣe

Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wáṣẹ́ bá tẹ "Send" tán ni wọ́n máa ń rí àṣìṣe inú ímeèlì wọn. Bí Gmail lo ń lò, "Undo" máa ń yọ fún ìṣẹ́jú àáyá 5. O lè sọ ọ́ di 30 nínú "Settings" lórí kọ̀ǹpútà. Tí àkókò yẹn bá ti kọjá, ẹyin lohùn.

Ohun tó kù ni àtúnṣe kan ṣoṣo tó ṣe ṣókí. Ṣí lẹ́tà náà nínú "Sent", kí o tẹ "Reply", kí méjèèjì lè wà pọ̀. Ká ní CV ọdún tó kọjá lo fi ránṣẹ́, kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. CV tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ti pẹ́. Èyí tó tọ́ nìyí. Òun ni kí ẹ bá mi lò." Má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o tó fi ránṣẹ́, ṣí fáìlì tí o so mọ́ ọn wò, torí ẹni tó ń kánjú lè tún so ti àkọ́kọ́ mọ́ ọn.

Bó bá jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ lo ṣì kọ, wo orúkọ náà lójú ìwé ìpolówó iṣẹ́, tún lẹ́tà rẹ kọ, kí o sì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àmì ìdánudúró kan ló fò, fi í sílẹ̀: lẹ́tà kejì yóò kàn pe àkíyèsí sí ohun tí wọn ì bá má rí ni.