Iṣẹ́ Náà Kò Bọ́ Sí Yín Lọ́wọ́ Lọ́tẹ̀ Yìí

Oníbàárà tó bá ná ata ní ọjà Bódìjà, tí owó rẹ̀ kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ní "mò ń bọ̀", á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá alátà náà mọ̀ pé ó ti lọ nìyẹn, kò ní torí ẹ̀ gbé ata kankan pamọ́ dè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá fún kọ́ńtírátọ̀ tó kọ ìwé àbá wá ní irú èsì bẹ́ẹ̀, pé "a ó pè yín", ọ̀pọ̀ kọ́ńtírátọ̀ ló máa ń gbà á gbọ́. Wọ́n á gbé bátìrì sílẹ̀, wọ́n á dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n á máa retí. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n á gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ba àjọṣe jẹ́ nìyí ju kíkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n fẹ́ gbé iná sólà wọlé, nítorí fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Àárín dígírì 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí iná bá lọ tí kò tètè dé, wọ́n lè bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló mú ìwé wá. Ti àkọ́kọ́ wá láti Èkó: iṣẹ́ wọn mọ́, owó wọn kò ga, àmọ́ ìwé wọn sọ pé bí nǹkan bá bàjẹ́, onímọ̀ ẹ̀rọ wọn á dé láàárín wákàtí 24. Ìkejì wà ní Ìbàdàn níbẹ̀, owó rẹ̀ ga díẹ̀, ó sì ṣèlérí wákàtí 4. Ẹ̀kẹta mú bátìrì olómi wá, nígbà tí ilé ìgbẹ̀bí ti kọ ọ́ kedere pé lítíọ́ọ̀mù làwọn ń fẹ́.

Ìkejì ni wọ́n mú. Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa bá àwọn méjì tó kù sọ̀rọ̀, èsì méjèèjì kò sì lè jọra.

Ẹ̀kẹta kò ní ìdí tí yóò fi dúró. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti rí i pé ohun tó mú wá kọ́ ni wọ́n béèrè ló yẹ kí wọ́n ti sọ fún un. Ti ará Èkó ló gba ìrònú, nítorí òun ló ṣe ipò kejì. Bí wọ́n bá lé e lọ kí ẹni tí wọ́n yàn tó fọwọ́ sí àdéhùn, tí onítọ̀hún sì wá yí ohùn padà, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n á fi padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí èyí pa á tì. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n sọ òótọ́ tó wà nílẹ̀: "A ṣì ń yẹ ìwé méjì wò, tiyín wà níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ èsì lọ́jọ́ Jímọ̀." Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú, kí wọ́n pè é lọ́jọ́ náà gan-an. Láyé tí owó bátìrì àti páńẹ́lì ń bá dọ́là rìn yìí, iye tó wà nínú ìwé rẹ̀ lè má dúró ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ, ó sì yẹ kó mọ̀ bóyá kó ta ọjà tó gbé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí àdéhùn bá ti so pọ̀, ìwé tí wọ́n máa kọ sí i kò gbọdọ̀ gùn. Ó lè rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. A dúpẹ́ pé ẹ wá láti Èkó, tí ẹ sì ka gbogbo ohun tó ń lo iná nílé wa kí ẹ tó dá owó lé e. A ti yan ilé-iṣẹ́ mìíràn fún iṣẹ́ yìí. Ohun tó pinnu rẹ̀ ni àkókò àtúnṣe: nítorí fíríìjì abẹ́rẹ́, a nílò ẹni tó lè dé láàárín wákàtí 4, wákàtí 24 sì ni ìwé yín sọ. Owó yín kò ṣe wá ní nǹkan. A ń gbèrò ẹ̀ka kejì fún oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti ní onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé Ìbàdàn nígbà náà, a ó fẹ́ rí ìwé yín."

Gbólóhùn nípa àkókò àtúnṣe ni ọkàn ìwé náà. Ọ̀pọ̀ akápò ni ìbá kọ ọ́ pé "owó yín ti pọ̀ jù", nítorí ó rọrùn láti sọ, kò sì dun ẹnikẹ́ni. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé kọ́ńtírátọ̀ á pè lọ́jọ́ kejì pé òun ti yọ ìdá mẹ́wàá kúrò. Akápò á wá máa wá irọ́ mìíràn tì í lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni kọ́ńtírátọ̀ á ti fura pé ẹnì kan ti gba owó ẹ̀yìn. Ìdí tó jẹ́ òótọ́ kì í dá irú wàhálà yìí sílẹ̀: ẹ̀dínwó kò lè mú onímọ̀ ẹ̀rọ súnmọ́ Ìbàdàn. Ó tún fi ohun tó lè túnṣe hàn án, bó bá fẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ iwájú.

Ìdí kan náà ti tó. Bí wọ́n bá to márùn-ún sílẹ̀, á dà bí ẹni ń bá a wí, á sì máa dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó yẹ kí àlàyé dúró ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ìlànà ọjà rírà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi ààlà sí i láti ọjọ́ pípẹ́: ẹni tí kò rí iṣẹ́ gbà lè béèrè àlàyé láàárín ọjọ́ 3 tí ó gbọ́ èsì, òṣìṣẹ́ ìjọba á sì sọ ibi tí àbá tirẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó fún un, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé e wé ti ẹni tó borí ní kókó kọ̀ọ̀kan. Ilé ìgbẹ̀bí kékeré náà lè lo ààlà yìí. Bí ará Èkó bá béèrè pé "èló ni wọ́n gbé wá?", kí wọ́n ní àwọn kì í sọ iye ẹlòmíràn, bí àwọn kò ti ní sọ tirẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni àwòrán àti àkọsílẹ̀ ohun tó ń lo iná tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Mo ka fífi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sí olè, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ti sanwó rẹ̀ tàbí kí ẹni tó yà á ti yọ̀ǹda.

Bí kọ́ńtírátọ̀ náà bá jẹ́ àgbàlagbà, tàbí ọmọ ìjọ kan náà, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ pè é kí ìwé tó dé. Lílo Wáàsáàpù nìkan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dà bí àrífín. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ lórí fóònù ni kí ìwé náà sọ. Kí àánú má sún ọ̀gá sọ pé "ẹ má ṣèyọnu, ìkejì tiyín ni", nígbà tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò gba ìkejì.

Ti ẹlẹ́kẹta wá ńkọ́? Ó yẹ fún ọpẹ́, ó sì yẹ fún ìdí: lítíọ́ọ̀mù la béèrè. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá rò pé àwọn lè bá a ṣe, kí wọ́n má kọ gbólóhùn ọjọ́ iwájú kankan sí i.

Ará Èkó ni wọ́n ṣèlérí fún, ìlérí náà sì gba àkọsílẹ̀. Kí akápò kọ orúkọ rẹ̀, ìdí tí wọn kò fi mú un àti oṣù kẹta sínú fáìlì, torí ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti wà lórí àga rẹ̀ nígbà náà. Bí owó ẹ̀ka kejì kò bá jáde, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ lóṣù náà pé iṣẹ́ ti sún síwájú, kí wọ́n sì bi í bóyá ó ti rí onímọ̀ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn.